Ta ló ní a kì í sanwó orí? Ìrírí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ tí orúkọ wa ò sí nínú ìwé ìjọba

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ lọ́dún 2023 pé nínú gbogbo 100 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó lé ní 92 tí iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ ìwé kankan. Èmi náà wà níbẹ̀.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ni pé iléèwé aládàáni kan fẹ́ kí n rán yunifọ́ọ̀mù 400 fún wọn. Ọ̀gá iléèwé ti rí iṣẹ́ mi, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Akáńtáǹtì wọn ló dá a dúró. Ó ní kí n mú TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, wá, kí n fún un ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí n sì kọ ínfọ́ìsì. Àkáǹtì ara mi ni mo fi ń gbowó, ibẹ̀ náà ni owó iléèwé àwọn ọmọ ti ń jáde. Nígbà tó yá, ẹnìkan tó ní ìwé bá mi gba iṣẹ́ náà. Orúkọ tiẹ̀ ló wọlé, èmi ni mo rán an. Ó yọ ₦300 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, ₦120,000 gbáko, kò sì fọwọ́ kan òwú.

Kí ló ń dá ẹ̀yin dúró tí ẹ ò fi forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀? Tiyín ni kí ẹ sọ o, ẹ má sọ ohun tí wọ́n ní wọ́n wí.

Bàbá Wẹ́dà

Owó orí ni, kí tún ni? Bí o bá ti forúkọ sílẹ̀, ìdá 30 nínú 100 èrè rẹ ti di ti ìjọba. Ẹnìkan tó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Ìkẹjà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.

Àti pé ta ló ní a kì í sanwó orí? Ẹ wá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi l'Ágége. Ìṣó kan wà níbẹ̀ tí mo ń kó rìsíìtì kọ́, ó ti wúwo débi pé ìṣó ti tẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù ti ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, owó pátákó tí mo kọ orúkọ mi sí, owó rédíò àti tẹlifíṣàn (mi ò ní tẹlifíṣàn ní ṣọ́ọ̀bù), owó ilẹ̀ gbígbá, owó ọdẹ, owó ẹgbẹ́ wẹ́dà. Ti àwọn ọmọkùnrin tó wà ní oríta kò sí nínú rẹ̀, torí àwọn kì í kọ nǹkan. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá tì mí ní ṣọ́ọ̀bù pé rìsíìtì aláwọ̀ ewé ni mo ní, aláwọ̀ pupa sì ni tọdún yẹn. Mo bi wọ́n pé owó tí mo san ńkọ́, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó gbà á.

Owó ẹgbẹ́ nìkan ni kì í dùn mí. Bí oníbàárà bá kọ̀ láti san owó géètì, alága á bá mi lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹgbẹ́ gbé kúlà àti àga wá. Èyí tó kù, kí ni wọ́n fi ń ṣe fún mi?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Bàbá Wẹ́dà, ẹ kú ìnáwó ìṣó. Ìdajì òótọ́ lẹ sọ nípa ìdá 30 yẹn o. Mo ti ṣiṣẹ́ ìwé owó fún àwọn oníṣòwò pẹ́, ẹ jẹ́ kí n là á.

Kọ́ńpìnnì ńlá ló ń san ìdá 30. Láti ọdún 2020 ni òfin ti yọ kọ́ńpìnnì kékeré kúrò nínú owó orí kọ́ńpìnnì; nígbà náà, àwọn tí ọjà tí wọ́n tà lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 25 ni. Ẹni tó bá sì forúkọ òwò nìkan sílẹ̀, bí irú ti aránṣọ àti wẹ́dà, kì í ṣe kọ́ńpìnnì rárá. Owó orí ti ara rẹ̀ ló yẹ kó san fún ìpínlẹ̀, ó sì yẹ kó san án yálà ó forúkọ òwò sílẹ̀ tàbí kò fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ṣírò rẹ̀. Ká ní aránṣọ kan ti yọ owó ṣọ́ọ̀bù, òwú, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọṣẹ́, tí èrè tó kù lọ́dún jẹ́ mílíọ̀nù 2. Ó ń san ₦400,000 fún ilé tó ń gbé. Òfin gbà kó yọ ìdá 20 nínú owó ilé yẹn, ₦80,000. Ó ku ₦1,920,000. Ẹgbẹ̀rún 800 àkọ́kọ́, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ku ₦1,120,000, ìdá 15 ni wọ́n á gbà lórí ìyẹn: ₦168,000. Ẹni tí èrè rẹ̀ lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ, òdo ni tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aránṣọ tí mo mọ̀.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni pé aránṣọ tó lè fi ìwé hàn pé mílíọ̀nù 2 ni èrè òun ṣọ̀wọ́n. Bí ìwé ò bá sí, òṣìṣẹ́ owó orí á dé, á ka ẹ̀rọ ìránṣọ, á wo bí ṣọ́ọ̀bù ṣe dára sí, á sì kọ iye tó wá sí i lọ́kàn. Òfin fún ọ ní 30 ọjọ́ láti kọ̀wé ta kò ó, àmọ́ kí lo fẹ́ fi ta kò ó nígbà tí o ò kọ nǹkan sílẹ̀? Ẹ̀rù ibẹ̀ ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì tọ́.

Ní ti àwọn rìsíìtì orí ìṣó yẹn, òfin kan wà láti 1998 tó to owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dínà gbowó orí. Ẹ bọ́ sí títì kí ẹ lọ wò ó.

Ọmọ POS Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti POS lẹ ń sọ? Èmi ti forúkọ sílẹ̀ o. Ní 2024 ni CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ní kí gbogbo oní-POS wá forúkọ òwò sílẹ̀, tí wọ́n tún sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Mo ṣe tèmi, sáfíkéètì wà lára ògiri. Títí di òní, kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n ní NIN ti di nọ́ńbà owó orí báyìí. Owó tó ń gba inú àkáǹtì mi kọjá lóòjọ́ lè tó ₦600,000, èrè mi níbẹ̀ kì í sì í tó ₦6,000. Bí wọ́n bá wo àkáǹtì yẹn, ṣé wọn ò ní sọ pé olówó ni mí?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, èrè ni wọ́n ń san owó orí lé, kì í ṣe owó tó kọjá. Ṣùgbọ́n kọ iye tí o gbà lórí ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé lálaalẹ́, torí báńkì ò ní bá ọ ṣàlàyé rẹ̀.

Ọmọ Kétu ní Kútọnu

Àwa náà ti rí i níbí. Lọ́dún 2014, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpò kan fún olówò kékeré, látinú OHADA, òfin òwò tí orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà jọ ń lò. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ń wá bá èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta jíńjà àti ata gígún, wọ́n ṣàlàyé, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n fún un ní káàdì. Ó tọ́jú káàdì yẹn sínú ike pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó. Ata rẹ̀ ò tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lórí ètò yìí níhìn-ín ní Kútọnu, ó jáde ní 2018. Wọ́n pín àwọn olówò sọ́nà. Wọ́n kàn ṣàlàyé ètò náà fún àwọn kan, bíi 10 péré nínú 100 ló torí ẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n bá àwọn mìíràn ṣètò ẹ̀kọ́ àti àkáǹtì báńkì, wọ́n tún bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ àárín wọn àti àwọn agbowó orí. Ìyẹn gbé e dé bíi 16. Nígbà tí wọ́n sì wo ọjà àti èrè àwọn tó forúkọ sílẹ̀, kò lé sí i. Àwọn tó tètè gbà ni àwọn tí iṣẹ́ wọn ti jọ ti àwọn tó wà nínú ìwé ìjọba tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, Aránṣọ, bóyá ìwé ò ṣe nǹkan fún ẹni tó ń tajà fún aládùúgbò.

Onífáníṣọ̀ Ìbàdàn

Kétu, ó dá lórí ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó ń ra ata kì í béèrè ínfọ́ìsì. Èmi, hòtẹ́ẹ̀lì kan ni mò ń bá tún ilẹ̀kùn àti àga ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ owó orí nínú owó iṣẹ́ mi kí wọ́n tó san án, àti láti 2025, ẹni tí kò bá ní TIN, ìlọ́po méjì ni wọ́n á yọ. Èyí tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹni tó ní nọ́ńbà, ó lè fi dín owó orí ọdún yẹn kù. Ìdí tí mo fi forúkọ sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìwé ò tíì lè ṣe fún mi. Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń fá pákó. Mo ń ru pákó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní, mo ń sanwó lórí pákó kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tò. Bí iná ò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ ti lọ. Mo lọ sí báńkì pẹ̀lú sáfíkéètì mi pé kí wọ́n yá mi lówó ẹ̀rọ. Wọ́n béèrè ìwé ilẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ẹ ò lè fi ṣe ìdúró? Òfin gbà á láti 2017, pé ohun tó ṣeé gbé lè dúró fún owó yíyá. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó dá mi lóhùn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Mo padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìlọ́po méjì owó tí mo dá síbẹ̀ ni wọ́n lè yá mi. Kò ra ẹ̀rọ.

Wàyí o, ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ mi, mi ò ní iṣẹ́ tí mo lè fi dá a dúró. Ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó lọ ṣí tiẹ̀ sí òpópónà kejì, ó ń ru pákó lọ sọ́dọ̀ ẹni kan náà. Ṣọ́ọ̀bù ń bí ṣọ́ọ̀bù, kò sí èyí tó ń dàgbà. Bí àwa marùn-ún bá wà lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ tí a máa gbé jáde á ju ti marùn-ún tó dá dúró lọ fíìfíì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ kó orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn láìsí ìwé tó dúró láàárín wọn?

Bàbá Wẹ́dà

Onífáníṣọ̀, bí o bá ní èèyàn marùn-ún lábẹ́ òrùlé kan, ṣé o rò pé àwọn tó ń gbé rìsíìtì pupa kiri ò ní rí ọ? Ìdí tí mo fi jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù mi kéré nìyẹn. Bí mo bá kun ojú rẹ̀, owó pátákó á gorí sí i.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Mo mọ ẹni tó pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí méjì nítorí rẹ̀.

Aránṣọ Òṣogbo

Iléèwé yẹn ti ní àwọn á tún rán ní sáà tó ń bọ̀. Mo fẹ́ forúkọ òwò sílẹ̀, kí n ṣí àkáǹtì fún un. Ṣùgbọ́n ìyàwó ojú ọ̀nà àti aṣọ ẹbí ni iṣẹ́ mi tó pọ̀ jù, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Gbogbo rẹ̀ ni. Kọ èyí tó wọlé, kọ èyí tó jáde náà: òwú, epo, owó ìjọba ìbílẹ̀, owó ẹgbẹ́. Èyí tó jáde nítorí iṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò owó orí, bí rìsíìtì bá ti wà.

Bàbá Wẹ́dà

Àwọn ọmọkùnrin oríta ńkọ́? Ṣé kí n ní kí wọ́n kọ rìsíìtì fún mi?