Àbọ̀ ìròyìn: lẹ́tà tí mo fi yọwọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ìbéèrè tí mo bi yín tẹ́lẹ̀ nìyí: "Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì, ṣùgbọ́n àìsàn bàbá mi kò jẹ́ kí n lè kúrò ní Àkúrẹ́ mọ́. Kí ni kí n kọ sí wọn?"

Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ rí ló yanjú rẹ̀. Mo fèsì sórí ímeèlì ìpè náà gan-an, kí wọ́n má baà máa wá ẹni tí mo jẹ́, mo sì fi ìpinnu ṣáájú ìdí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tí ẹ ń yẹ̀ wò fún ipò oníṣirò owó, nítorí ọ̀ràn ìdílé tó dá mi dúró sí Àkúrẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè mi ti Ọjọ́bọ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣeun."

N kò dárúkọ àìsàn, n kò sì kọ "bóyá", nítorí ó lè mú wọn máa dúró dè mí. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gbọ́, wọ́n sì ní àwọn yóò tọ́jú ìwé mi.

Ìmọ̀ràn pé kí n pè wọ́n lórí fóònù ṣiṣẹ́ díẹ̀: obìnrin tó gbé fóònù níbẹ̀ gbọ́ mi, àmọ́ ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nípa owó oṣù ṣèèṣì rò pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ni.

Ohun tó kù ni pé ìránnilétí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ṣì ń wọlé sí ímeèlì mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.