Góòlù màmá wa: ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ Mansẹ́sítà, àbí kí a tà á nílé?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Màmá wa papòdà ní 2023, níbí ní Iléṣà. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Atákúnmọ̀sà, owó tó bá sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn, góòlù ni wọ́n máa ń fi rà. Nígbà tí a pín ẹrù wọn, ṣéènì ńlá kan ló kan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Mansẹ́sítà. Ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́fà tó dọ́gba kan èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn, mẹ́ta mẹ́ta. Ìwé tí ilé ẹjọ́ fi gbé ogún náà lé wa lọ́wọ́ wà níbẹ̀.

Gbogbo wa la fẹ́ ta tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní nígbà tí òun bá wálé fún Ìwúde, òun á kó gbogbo rẹ̀ sọ́rùn àti sọ́wọ́, òun á tà á lọ́hùn-ún, òun á sì fi owó wa ránṣẹ́. Bàbá wa kékeré ní kàkà bẹ́ẹ̀, kí a yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di igi góòlù kan ṣoṣo, kó má baà gba àyè. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé àwọn aṣọ́bodè máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá balẹ̀? Tó bá sì tà á tán, ṣé ìjọba ibẹ̀ máa bu nínú èrè?

Adúmáadán: Ẹ má da ara yín láàmú. Kò sí owó orí ọjà lórí góòlù ní ìlú ọba, mo mọ̀ ọ́n dájú, ọmọ mi ra owó ẹyọ góòlù níbẹ̀, wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e. Kó ṣáà wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ta ni yóò bi í? Nǹkan ìyá rẹ̀ ni.

Ọmọ Ìtagunmódì: Mo bá yín kẹ́dùn màmá. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní góòlù, eléérú tí àwọn ọmọkùnrin ń fọ̀ lódò lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni kan láti Dùbáì ń pè mí pé kí n gbé e wá. Mélòó ni wọ́n ń ra gíráàmù lọ́hùn-ún báyìí?

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Ìtagunmódì lóhùn, torí tirẹ̀ ló lè sọ èèyàn sí àtìmọ́lé. Góòlù tí wọ́n wà nílẹ̀ kì í ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni í títí tí ẹni tó ní ìwé àṣẹ yóò fi wà á tàbí rà á, ó sì gbọ́dọ̀ san owó ìjọba lórí rẹ̀ kó tó gba ìwé tó fi máa gbé e jáde. Bí ẹ ò bá ní ìwé wọ̀nyẹn, ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń ra gíráàmù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ṣe gbọ́ ti bàbá kékeré yín rárá. Ṣéènì jẹ́ ṣéènì màmá yín lójú ẹnikẹ́ni tó bá wò ó. Tí ẹ bá yọ́ ọ di igi, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe góòlù ilẹ̀? Ẹ gbé igi góòlù tí kò ní àmì ilé iṣẹ́ kankan jáde láti Iléṣà, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n ń wa góòlù, kí ẹ sì máa ṣàlàyé fún aṣọ́bodè ní Ìkẹjà!

Alágbẹ̀dẹ Ìsọ̀kùn: Òótọ́ ni Aṣírò sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Góòlù àwọn ìyá wa kì í ṣe ojúlówó gbáá, bàbà àti fàdákà wà nínú rẹ̀. Kárátì 22 ni 916 nínú 1,000, kárátì 18 ni 750. Iná alágbẹ̀dẹ kì í yọ bàbà kúrò, ńṣe ló kàn ń pò ó pọ̀. Tí ẹ̀gbà ọwọ́ yín bá jẹ́ 18, tí ṣéènì jẹ́ 22, igi tó bá jáde á wà láàárín méjèèjì, ẹni tó ni ṣéènì á sì pàdánù. Ìjà ẹbí ló máa dá sílẹ̀.

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Ẹ ṣeun, Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dé orí ohun tí Adúmáadán sọ. Ìdajì òótọ́ lẹ sọ, mà. Góòlù tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpamọ́ owó ni ìlú ọba kì í gba owó orí ọjà lé: igi tó jẹ́ ojúlówó tó 995 nínú 1,000, tàbí owó ẹyọ góòlù tó jẹ́ ojúlówó tó 900 nínú 1,000 ó kéré tán, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1800. Irú èyí lọmọ yín rà. Ẹ̀gbà ọwọ́ àti ṣéènì kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dán tó.

Ní ti wíwọ̀ sọ́rùn, kò yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ń gbé ìlú ọba, tó wọ góòlù kúrò níbẹ̀ tó sì wọ̀ ọ́ padà, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gbà nílé, ẹrù tuntun ni lójú wọn. £390 ni àyè tí wọ́n fún arìnrìn-àjò fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tó bá ju iye yẹn lọ, gbogbo iye rẹ̀ ni wọ́n á ṣírò owó lé, kì í ṣe àlékún nìkan. Tó bá gba ẹnu ọ̀nà àwọn tí kò ní ẹrù tí wọ́n fẹ́ kéde fún aṣọ́bodè, tí wọ́n sì dá a dúró, wọ́n lè gba góòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ha! Èló ni owó ọ̀hún máa jẹ́, sà?

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì nìyí. Ìlú ọba ní àánú fún ogún. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tí ẹ̀bí rẹ̀ kú sí òkèèrè tó sì fi nǹkan sílẹ̀ fún un, lè mú un wọlé láìsan owó ibodè àti owó orí ọjà. Fọ́ọ̀mù C1421 ni wọ́n ń kún fún un. Kó mú ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ìpín yín dání, kí orúkọ rẹ̀ hàn níwájú ṣéènì náà, kó sì gba ẹnu ọ̀nà àwọn tó ní ẹrù tí wọ́n fẹ́ kéde. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ìpín ogún bá parí ni àyè rẹ̀ máa ń tì, nítorí náà ẹ wo déètì tó wà lórí ìwé yín dáadáa.

Ṣéènì nìkan ni àánú yìí bò. Ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́fà yẹn kì í ṣe ogún tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni í, ẹ ò sì gbé ìlú ọba. Ká ní iye wọn jẹ́ £6,000. Owó ibodè lórí nǹkan ọ̀ṣọ́ kéré, ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ọjà, ìyẹn £1,200, ó tún lé díẹ̀ torí orí iye ẹrù àti owó ibodè ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò kò lè gbà á padà. Ẹni tó sì máa ra góòlù àlòkù lọ́wọ́ rẹ̀ á wọ̀n ọ́n, á san iye irin rẹ̀, á tún yọ èrè tirẹ̀. Kò sí bí iye owó Mansẹ́sítà ṣe lè ju ti ilé lọ tó láti dí ihò £1,200.

Màmá Olóko-òwò: Èmi ń lọ Dùbáì dáadáa, ohun tí mo mọ̀ nìyí. Níbẹ̀, tí owó tàbí góòlù ọwọ́ ẹ bá ti tó 60,000 dírámù, ẹ gbọ́dọ̀ kéde ẹ, bóyá ẹ ń wọlé ni o, bóyá ẹ ń jáde ni. Èmi máa ń kéde, mo sì máa ń tọ́jú rìsíìtì. Kí wọ́n kó o lọ Dùbáì ná?

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kì í gbé Dùbáì, mà. Owó ọkọ̀ òfurufú ńkọ́?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ̀gbà ọwọ́ dúró sílé nìyẹn. Èrè tó bá jẹ lórí ṣéènì ńkọ́?

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Iye tí ṣéènì náà jẹ́ lọ́jọ́ tí màmá kú ni wọ́n máa kà sí iye tó rà á. Ohun tí màmá san lórí rẹ̀ láyé ìgbà yẹn kò kàn wọ́n. Ká ní gíráàmù 75 ni, kárátì 22, tó jẹ́ £3,400 ní 2023, tó wá tà á ní £7,200. Èrè jẹ́ £3,800. Lọ́dọọdún, £3,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ẹni kò ní owó orí, ó ku £800 tí wọ́n á gba ìdá 18 tàbí 24 lé, ó dá lórí iye tó ń gbà níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà fún nǹkan ìní tí a lè fọwọ́ gbé. Èyí tí a bá tà ní £6,000 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀, kò sí owó orí lórí èrè rẹ̀ rárá. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń wo ohun tó lé, wọ́n á fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á fi mẹ́ta pín in. £1,200 ló lé, àbájáde rẹ̀ £2,000. Èrè tí ìjọba lè kà sí i lọ́rùn kò lè ju iye yẹn lọ, kò sì tó £3,000. Kò ní san kọ́bọ̀, bí kò bá ti ní èrè mìíràn lọ́dún yẹn.

Adúmáadán: Ó dáa, kí wọ́n tún ge ṣéènì náà sí méjì, kí wọ́n tà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀!

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Mà, ẹ jọ̀ọ́! Nǹkan tó bára mu, tí ẹ tà fún ẹnì kan náà, ọ̀kan ni wọ́n ń kà á sí. Òfin ti ronú kan yín.

Alágbẹ̀dẹ Ìsọ̀kùn: Mo ní ìbéèrè. Báwo lẹ ṣe máa mọ iye rẹ̀ ní 2023? Ẹnikẹ́ni nínú yín wọ̀n ọ́n nígbà yẹn?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Rárá o. A kàn tò wọ́n sórí ibùsùn, a pín in ni.

Alágbẹ̀dẹ Ìsọ̀kùn: Kò burú. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, kárátì rẹ̀ kò yí padà. Ẹ gbé e wá, mo máa ha á lórí òkúta, mo máa fi ásíìdì dán an wò, mo máa kọ gíráàmù àti kárátì sórí ìwé pẹ̀lú òǹtẹ̀. Iye góòlù lọ́jọ́ tí màmá kú wà ní àkọsílẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín á fi ìwọ̀n ṣírò rẹ̀.

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Gẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n.

Àkẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ti àwa nílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lórí èrè tẹ́lẹ̀ ti lọ, èrè èèyàn á kún owó tó ń wọlé fún un, ó sì lè dé ìdá 25. Ṣùgbọ́n nǹkan ìní ara ẹni tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kò lè tó bẹ́ẹ̀.

Màmá Olóko-òwò: Ṣé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mílíọ̀nù márùn-ún yẹn, àbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀?

Àkẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Bí mo ṣe kà á, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Aṣírò Ilé-Ifẹ̀: Èmi ò fara mọ́ ọn. Mẹ́ta tó dọ́gba, tí èèyàn tà fún alágbẹ̀dẹ kan lọ́jọ́ kan, mo máa kà á pọ̀ ni tó bá jẹ́ èmi ni òṣìṣẹ́ owó orí. Bó ti wù kó rí, èrè lórí iye 2023 nìkan ni ọ̀rọ̀ wa, kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n bá san.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n bi yín: tí òun bá fi C1421 mú ṣéènì wọlé, ṣé òun lè tà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbí ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ òun díẹ̀? Ìpín wa parí ní oṣù kẹwàá 2024. Alágbẹ̀dẹ, mo ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Alágbẹ̀dẹ Ìsọ̀kùn: Ẹ tètè dé, ẹ má sì gbé e sínú báàgì ọwọ́ lórí ọ̀kadà.