Lẹ́tà láti Ítálì: ẹ̀rọ sọ "ẹ" di "ó", ẹ gbà mí o

Akọ̀wé Tánkẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mo máa ń yẹ ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ bá ṣe láti èdè Ítálì sí Yorùbá wò, tí mo sì máa ń tún un ṣe. Ìyá kan ní Ọ̀fà ní ọmọ tó ń tọ́jú ìyá àgbà kan ní Brescia. Ìyá àgbà yẹn wá kọ lẹ́tà sí wọn. "Gentile Signora" ló fi kí wọn, ó wá ní:

"La ringrazio di cuore. Lei l'ha educata bene. Sua figlia è in gamba. Mi dice che prega per me. In bocca al lupo per l'operazione!"

Ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde nìyí: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọkàn. Ó fún un ní ẹ̀kọ́ dáadáa. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó ń gbàdúrà fún mi. Ní ẹnu ìkookò fún iṣẹ́ abẹ náà!"

Ẹsẹ̀ àti ìkookò nìkan ni mo rí. Mo tún wọn ṣe, mo rò pé ó parí. Ìgbà tí mo kà á fún ìyá ni wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí ẹlòmíràn ló bá mi bí ọmọ mi ni?" Ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe máa rí irú èyí kó tó dé etí oníbàárà?

Ọmọ Ọjà-Ọba: Kò le. Sọ gbogbo "ó" di "ẹ", kí o sọ gbogbo "rẹ̀" di "yín". Ìṣẹ́jú kan péré.



Bàbá Òmù-Àrán: Ọmọ Ọjà-Ọba, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á ba èyí tó dára jẹ́. Ẹni méjì ló wà nínú "Lei l'ha educata": Lei ni ìyá Ọ̀fà, l' ni ọmọ wọn. Ará Ítálì tó bá ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún "obìnrin yẹn" náà ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ ọkùnrin. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ tú u sí, ẹni tó bá kà á yóò tètè fura, nítorí obìnrin kan yóò ṣàdédé yọjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ó" tiwa gba gbogbo ènìyàn, kò yà ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, àṣìṣe náà á sá pamọ́ sábẹ́ gbólóhùn tó dùn ún gbọ́. Bí àmì ohùn bá tún jábọ́, "ọmọ rẹ̀" á di "ọmọ rẹ", á dà bíi pé ìyá àgbà ń yájú sí ìyá oníyàá.

Akọ̀wé, ka ti Ítálì ṣáájú kí o tó wo ti ẹ̀rọ rárá. Wo bí wọ́n ṣe kí ara wọn: "Gentile Signora" ti sọ fún ọ pé "ẹ" ni. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Lẹ́tà ńlá tó bá wà láàárín gbólóhùn lè ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n "La" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kò fi nǹkan kan hàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í kọ ọ́ ní ńlá mọ́.

"Educata" náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwé, títọ́ ọmọ ni. "Ẹ tọ́ ọ yanjú."

Akọ̀wé Tánkẹ́: Háà! Èmi fi "ẹ̀kọ́" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an, bàbá. "Ọmọ yín já fáfá" ni mo fi tún ti ẹsẹ̀ ṣe. Ti ìkookò ńkọ́?

Álúfà Ìlọrin: "Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere."

Bàbá Òmù-Àrán: Álúfà, ìyá àgbà kò dárúkọ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ìkookò yẹn, tí wọ́n fi ń kí ènìyàn pé kó ṣoríire, ni wọ́n ń sọ fún ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò pàápàá, "Crepi!", ìyẹn "kí ìkookò náà kú", ni wọ́n sì fi ń dáhùn, kì í ṣe àmín. Ẹ má fi àdúrà sí i lẹ́nu.

Álúfà Ìlọrin: Bàbá, mo gbà, ṣùgbọ́n ìyá wo ní Ọ̀fà ni ẹ máa kí kú iṣẹ́ abẹ láìdárúkọ Ọlọ́run tí kò ní sọ pé ẹni yìí ò láàánú?

Akọ̀wé Tánkẹ́: Mo kọ "Àá gbọ́ ire o." Bóyá ó tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn.

Álúfà Ìlọrin: Díẹ̀.

Bàbá Òmù-Àrán: Ó dáa. Ṣùgbọ́n wo "Mi dice che prega per me" dáadáa. Ta ló ń gbàdúrà?

Akọ̀wé Tánkẹ́: Ọmọ náà kọ́?

Bàbá Òmù-Àrán: Ó lè jẹ́ ọmọ, ó sì lè jẹ́ ìyá Ọ̀fà. "Prega" bá àwọn méjèèjì mu, kò sì sí Lei níbẹ̀ tí lẹ́tà ńlá fi máa tú àṣírí. Gbólóhùn tó ṣáájú ò yanjú ẹ̀.

Ọmọ Ọjà-Ọba: Kí ó mú ọ̀kan.

Akọ̀wé Tánkẹ́: Rárá o, ìyá á tún bi mí. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Brescia lórí Wásáàpù. Kò tíì gbọ́ ọ. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.