Ẹ bá mi wò ó: ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló gba áàpù wa, kí ló dé tí àpò wa fi gbẹ?

Agbóúnjẹ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ló ń bá àwọn olóúnjẹ gbé oúnjẹ lọ sílé oníbàárà ní Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Agbowó dé Àkóbọ̀. Lóṣù kìíní, a ná ₦600,000 sórí ìpolówó: Fesibúùkù, ọmọge kan tó máa ń ṣe fídíò, àti káàdì kéékèèké tí àwọn olóúnjẹ ń fi sínú ọ̀rá. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn gba áàpù wa, ìyẹn ni pé ₦600 péré la fi rí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà máa ń san ₦6,500 lẹ́ẹ̀kan: oúnjẹ ₦5,000, owó gbígbé ₦1,500. Bó bá rà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, ₦234,000 nìyẹn lọ́dún. Síbẹ̀ oṣù kẹfà ti parí, kò sí nǹkan kan nílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì ní ká lọ yá owó sí i ká fi polówó. Ibo la ti ṣì í?

Ìyá Alámàlà: Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá! Náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ ń gbà lórí oúnjẹ wa, ẹ sì tún ń sunkún. Èlùbọ́ ti di góòlù. Ọlọ́kadà yín kan da gbẹ̀gìrì mi sínú àpò lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni wọ́n bú.

Ọmọ Ìgboro: Ọ̀gá, ẹ má fòyà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé bí owó tí oníbàárà mú wá bá ti tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ fi wá a, òwò yẹn dáa. Tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po irínwó! Ìpolówó yín ni kò tíì tó.

Oníṣirò Ọjà: Ọmọ Ìgboro, ìlọ́po mẹ́ta yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ nínú èrè la ti ń kà á, kì í ṣe nínú gbogbo owó tó gba ọwọ́ ẹni kọjá. Mo ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọlọ́kadà kan l'Ékòó. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà lójú títì ńlá lóṣù kejì 2020, èrò ò sí mọ́, a bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù. Irú ìṣirò yìí náà la kọ́kọ́ ṣe.

Àbúrò, ₦5,000 oúnjẹ yẹn, owó Ìyá Alámàlà ni. ₦500 kọ́míṣọ̀n àti ₦1,500 owó gbígbé ni tìẹ. Nínú ₦2,000 yìí, èló lò ń san fún ọlọ́kadà, èló lepo? Èló ni àwọn tó ń bá ọ gba owó lórí káàdì báńkì ń yọ? Tún sọ fún mi, nínú ẹgbẹ̀rún kan tó gba áàpù, ẹni mélòó ló ra nǹkan rí?

Agbóúnjẹ Bódìjà: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́kadà ń gba ₦900 lórí ìrìn kan, epo tó ₦400, owó káàdì báńkì tó ₦200, àbùkù àti ìpè fóònù bíi ₦100. Àwọn tó rà jẹ́ 300. Gbogbo wọn la gbé ti àkọ́kọ́ fún lọ́fẹ̀ẹ́. A tún ń san ₦150,000 fún ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìpolówó lóṣù náà.

Oníṣirò Ọjà: Ó dáa. ₦400 ló kù sí ọ lọ́wọ́ lórí ìrìn kan. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹni tó gba áàpù tí kò rà kì í ṣe oníbàárà. 300 lo rí, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Owó tó o sì fi wá wọn ju ₦600,000 lọ: gbígbé lọ́fẹ̀ẹ́ fún 300 ènìyàn jẹ́ ₦450,000, torí pé ọlọ́kadà kò gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìwọ. Fi owó oṣù ọmọbìnrin yẹn kún un, ó di ₦1,200,000. ₦4,000 lo fi rí ẹnì kan. Kí ẹni náà tó san án padà, ó gbọ́dọ̀ rà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ṣé wọ́n ń rà tó bẹ́ẹ̀?

Agbóúnjẹ Bódìjà: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni, ojú sì ń tì mí. Nínú 300 yẹn, 120 ló padà wá lóṣù kejì. Lóṣù kẹfà ó ku 51. Àwọn tó dúró ń rà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù lóòótọ́. Gbogbo ìrìn tí 300 yẹn mú wá láàárín oṣù mẹ́fà jẹ́ 1,380.

Oníṣirò Ọjà: 1,380 lọ́nà ₦400 jẹ́ ₦552,000. Pín in fún 300, ₦1,840 ni ẹnì kan mú wá, o sì ti ná ₦4,000 lé e lórí. Ká tiẹ̀ ní 51 yẹn kò dín rárá títí ọdún fi pé, kò ní ju nǹkan bíi ₦3,060 lọ. Ohun tó tàn ọ́ jẹ ni pé o mú ẹni tó ń rà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, o ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí. Bí o bá yáwó polówó báyìí, ihò náà lò ń gbẹ́ sí i.

Ọmọ Ìgboro: Háà. Ẹ fi ₦500 kún owó gbígbé, ó tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó: Kò tán o. Bó bá di ₦2,000, ẹsẹ̀ mi náà mọ ọ̀nà bùkátéríà.

Oníṣirò Ọjà: Ibi tí èmi náà ò ti lè búra nìyẹn. Àkóbọ̀ lè gbà á, Agbowó lè má gbà á. Ẹ dán an wò ládùúgbò kan fún oṣù kan, kí ẹ wo iye tó padà wá, kì í ṣe iye tó rà lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè kan kù. Nínú 51 yìí, ṣé o mọ ibi tí oníkálukú ti wá?

Agbóúnjẹ Bódìjà: Káàdì ní nọ́ńbà lára, mo lè mọ̀. Káàdì ló mú 80 wá nínú 300, 34 nínú wọn ṣì wà. Fesibúùkù àti fídíò mú 220 wá, 17 ló kù.

Oníṣirò Ọjà: Èló lẹ fi tẹ káàdì?

Agbóúnjẹ Bódìjà: ₦40,000.

Oníṣirò Ọjà: Fi gbígbé lọ́fẹ̀ẹ́ kún un, ₦2,000 lo fi rí ẹni káàdì kan. Ẹni Fesibúùkù àti fídíò, tí owó oṣù ọmọbìnrin yẹn wà lórí wọn, lé ní ₦4,700. Ẹni tó wọ́n jù ló tètè ń lọ! Nígbà tó o da méjèèjì pọ̀ sójú kan, ti káàdì ń bo àṣìṣe ti fídíò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n má sáré jù: 80 ènìyàn kéré, àwọn tí káàdì máa dé ọwọ́ wọn sì ti ń jẹun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á tán.

Èyí tí mo rò pé ó lè yí i padà ni kí ọlọ́kadà kan gbé oúnjẹ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá san ₦900 fún ti àkọ́kọ́, ₦500 fún ìkejì, tí epo méjèèjì kò sì ju ₦450 lọ, ohun tó kù lórí oúnjẹ kan á di ₦775 dípò ₦400. Oníbàárà kan náà, ìpolówó kan náà.

Agbóúnjẹ Bódìjà: A ti dán an wò rí, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan ń lọ Àkóbọ̀, èkejì ń lọ Mọ́kọ́lá. Àmàlà ìkejì tutù, oníbàárà ní ká dá owó òun padà.

Oníṣirò Ọjà: Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, kí àkókò wọn sì súnmọ́ra. Bí kò bá sí irú ẹ̀, dá a dúró.

Ìyá Alámàlà: Ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ kan. Láti agogo méjìlá sí méjì, àwọn ará Sẹkitéríàtì ló ń pè mí jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ènìyàn mẹ́fà láti ọ́fíìsì kan náà rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kadà mẹ́fà ló sì tò síwájú ilé mi. Mo ní kí ẹnì kan kó gbogbo ẹ̀, wọ́n ní áàpù ò gbà.

Agbóúnjẹ Bódìjà: Mẹ́fà? Ìyá, ọ̀kadà wa ni?

Ìyá Alámàlà: Mẹ́rin jẹ́ tiyín. Ẹni tó da gbẹ̀gìrì mi wà níbẹ̀.