Ẹni tí a jọ ń kọ ìtàn jí òkú dìde ní orí keje

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa méjì la jọ ń kọ ìtàn kan, à ń gba orí kọ̀ọ̀kan kọ. Ìyá Sìlífà ń ta adìrẹ ní Ìtòkú. Ní orí kejì, Lámídì apẹja wá sọ pé odò Ògùn ti gbé Ràṣídì, àbúrò Ìyá Sìlífà, lọ ní Láfẹ́nwá. Wọ́n fún un lówó, kò gbà. Ní orí kẹta, Lámídì yìí náà fa òkú jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ojú ti wú, adìrẹ tí Ìyá Sìlífà fọwọ́ ara rẹ̀ yà tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀. Mùsá, ẹ̀gbọ́n Ràṣídì, àti ààfáà wẹ̀ ẹ́, wọ́n sin ín. Ní orí karùn-ún, Mùsá dá nìkan sunkún lẹ́bàá sàréè. Ẹnìkejì mi wá kọ orí keje: Ràṣídì wọ ìsọ̀, ó ní, “Ẹ kú ọjà o.” Àwọn èèyàn ti ka orí mẹ́fà. Kí ni ká ṣe?

Àyìnlá Kútọ̀
Kò le. Ohun tí ẹnìkan fẹnu sọ nínú ìtàn lè jẹ́ irọ́, ohun tí òǹkàwé fojú rí ló dúró. Mùsá ló wẹ òkú, òun ló mọ̀ pé kì í ṣe Ràṣídì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́wọ́.

Akọ̀wé Sápọn
Àyìnlá, ìlànà yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé orí karùn-ún. Tí ẹ bá ti mú òǹkàwé wọ inú ọkàn ẹnìkan, ohun tó rò níbẹ̀ lágbára ju ohun tí ojú rí lọ. Mùsá sunkún níbi tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Tó bá wá jẹ́ òpùrọ́, ẹni tó kọ ìtàn ló tan òǹkàwé, kì í ṣe Mùsá.

Ẹ wá ẹni tí a ò tíì wọ inú ọkàn rẹ̀. Lámídì ni. Òun ló mú ìròyìn wá, òun náà ló fa òkú jáde, ó sì kọ owó. Nígbà tí ẹ kọ ọ́, ìwà ọmọlúwàbí ni bí kò ṣe gba owó yẹn. Ní báyìí, ẹ̀rí ọkàn ni. Ẹ ò yí lẹ́tà kan padà. Ràṣídì sá nítorí gbèsè, ó fi aṣọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Lámídì, nígbà tí odò gbé òkú àjèjì wá, Lámídì so aṣọ náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣé ẹ kọ ọ́ pé wọ́n so ó ní kókó?

Ọmọ Ìtòkú
Bẹ́ẹ̀ ni o! “Kókó aṣọ náà le,” mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Sápọn
Ẹ ti bọ́. Aṣọ tí a kàn fi kọ́ ọrùn kò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nínú odò tó kún. Ní orí kẹjọ, ẹ jẹ́ kí Ìyá Sìlífà rántí kókó yẹn, gbólóhùn kan péré, kó máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Ní orí kẹsàn-án, Lámídì kò yọjú sí ọjà. Ìjẹ́wọ́ di orí kẹwàá. Bí Ràṣídì bá jókòó ní orí kẹjọ tó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òǹkàwé á mọ̀ pé ẹ ń lẹ ibi tó ya. Ẹ má mú ẹni tuntun wá ṣàlàyé o, ẹ má sì pe Ràṣídì ní ìbejì.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́nwá
Nínú eré wa, ọmọkùnrin tó ń ṣe ọba kó lọ sí Èkó láàárín iṣẹ́. A pa ọba náà, ó parí. Ẹ pa Ràṣídì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àyìnlá Kútọ̀
Ìyá, ti yín yàtọ̀, ẹni tó ń ṣeré ló lọ. Níhìn-ín, tí wọ́n bá pa á ní orí kẹjọ, ẹnìkejì á gbà pé wọ́n gbé iṣẹ́ òun sọnù, á tún jí ẹlòmíràn dìde. Mo gbà lórí Mùsá. Àmọ́ èmi á tún orí karùn-ún kọ ní tèmi. Ta ló ń padà kà á?

Akọ̀wé Sápọn
Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn yẹn jù ni. Àṣìkọ orúkọ tàbí ọjọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹkún Mùsá, ẹ fi sílẹ̀. Ó ti sunkún lórí sàréè ẹni tí kò mọ̀, ẹ lè lo ìyẹn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni òkú inú sàréè. Ilé kan wà tó ń wá ẹni wọn. Orí keje ló dá ìbéèrè yẹn sílẹ̀, ẹ ò sì lè dákẹ́ lé e. Kí ẹ tó kọ orí kẹjọ, ẹ bi ẹnìkejì yín bóyá ó ní èèyàn lọ́kàn fún un.

Ọmọ Ìtòkú
Mo ti bi í. Ó ní òun kò rò ó débẹ̀.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́nwá
Ẹni tó ya Ràṣídì lówó ńkọ́? Ṣé òun náà ti yọjú láti ìgbà yẹn?

Ọmọ Ìtòkú
Rárá o. A dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní orí kìíní, a ò tún rí i mọ́.