Àbọ̀ ìbéèrè mi: owó tí a fi fa oníbàárà àti èrè tó ń mú wá

“Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa fi han àwọn olùdókòwò pé oníbàárà gáàsì wa l'Ábẹ́òkúta ń mú èrè wá ju owó tí a fi fà á lọ?”

Ẹ ṣé gan-an. Lẹ́tà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn olùdókòwò.

Ẹ̀gbọ́n tó mọ ìṣirò ní èrè ni ká kà, kì í ṣe owó tó wọlé. Òótọ́ ni. Nínú gáàsì ₦15,000, tí a bá yọ owó gáàsì, ọlọ́kadà àti báńkì, ₦900 ló ń ṣẹ́ kù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń rà. Nínú oníbàárà 100, 10 ń lọ lóṣooṣù, nítorí náà oṣù 10 ni ẹnì kan ń pẹ́: èrè ₦9,000.

Ìnáwó ni mo ṣì kà. Ìpolówó ₦400,000 fún oníbàárà 200 nìkan ni mo kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀dínwó ìrà àkọ́kọ́ àti owó àwọn tó ń bá wa wá èèyàn ní Pànṣẹ́kẹ́ tún jẹ́ ₦500,000. Ẹnì kan wá di ₦4,500, kì í ṣe ₦2,000.

Àǹtí tó ní bí èrè kò bá tó ìlọ́po 3 owó tí a fi fa oníbàárà kí n má fi ránṣẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà: ọ̀pọ̀ olùdókòwò ń wá 3, ìlọ́po 2 sì ni tiwa. Ṣùgbọ́n oṣù 5 ni owó yẹn fi ń padà, a sì kọ méjèèjì sínú lẹ́tà.

Ìyá aláàdìrẹ Ìtòkú, oníbàárà tiyín ń rà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọdọọdún ni kẹ́ ẹ máa kà á.

Èyí tó kù: oṣù 6 péré la ní lákọsílẹ̀, àwọn tí ẹ̀dínwó fà wá sì ń tètè lọ. Bóyá oṣù 10 yẹn pọ̀ jù.