Mo ṣe wákàtí 54 lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ní n kò ní ófátáìmù

Ọmọ Ilé Ìkẹ́rùsí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí, bóyá èmi ni n kò mọ ìṣirò mọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún wa tẹ́lẹ̀. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti sọ ọ́ di oṣooṣù. Wọ́n ní ọjọ́ 20 làwọn yóò máa pa ìwé wákàtí dé, kí owó lè wọlé ní ọjọ́ 28. Iye owó wákàtí kan kò yí padà. Ohun tó bá lé ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣì ni ófátáìmù, ìlọ́po kan àbọ̀ ni wọ́n sì ń san.

Lóṣù tó kọjá, ẹrù wọlé wá lọ́sẹ̀ kan débi pé wákàtí 54 ni mo ṣe. Mo ti ná owó yẹn tán lọ́kàn kó tó dé! Nígbà tí ìwé owó jáde, òdo ni wọ́n kọ síwájú ófátáìmù. Mo bi ọ̀gá ṣíìfù wa, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò ó. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí?

Tèmi Yé Mi:
Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, tèmi tiẹ̀ burú jù ú lọ. Ọjọ́ 16 ni mo wọṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ owó pé, mo ń retí ààbọ̀ oṣù, owó ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 20 péré ni wọ́n san. Mo fa wàhálà lọ́jọ́ náà, ojú tì mí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, torí gbogbo ìyókù bọ́ sínú owó oṣù kejì. Nígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, owó kan tún wọlé lẹ́yìn tí mo ti lọ. Fọkàn balẹ̀, àbúrò, tìrẹ náà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Owó:
Ẹ má bínú, kò ní í bọ̀. Owó tiyín pẹ́ ni, tirẹ̀ sọnù. Ọdún 11 ni mo ti ń ṣírò owó òṣìṣẹ́, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ọmọ Ilé Ìkẹ́rùsí, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ 20 bọ́ sí? Wákàtí mélòó lo ṣe lójoojúmọ́?

Ọmọ Ilé Ìkẹ́rùsí:
Ọjọ́rú ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe wákàtí 10 ní Ọjọ́ Ajé, 10 ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 ní Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé Owó:
Ó yé mi wàyí. Wọ́n pa ìwé dé ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ rẹ sì là sí méjì. Wákàtí 30 wà lápá ọ̀hún, 24 wà lápá ìhín. Kọ̀ǹpútà wo 30, kò tó 40. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, yóò wo 24, ìyẹn náà kò tó 40. Kò sí ibì kankan tó ti rí 54.

Wo ohun tó jẹ́ lára rẹ. Bí wọ́n bá kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan, 40 máa jẹ́ 40, 14 tó lé máa di 21, ó di owó wákàtí 61. Owó wákàtí 54 ni wàá gbà báyìí. Owó wákàtí 7 ti wọlẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lábẹ́ owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ parí náà ni ìwé ń pa dé. Oṣù kì í tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Àfi bí ọjọ́ 20 bá ṣèèṣì bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ yín ń parí, ọ̀sẹ̀ kan máa là sí méjì lóṣooṣù. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n san wákàtí 30 yẹn lásán, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n ka ófátáìmù rẹ̀ pọ̀ mọ́ oṣù tó ń bọ̀ nígbà tó bá pé. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìwé dé.

Sùúrù Lérè:
Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nìyẹn. Ọjọ́ 14 gbáko, alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń parí, kì í gé ọ̀sẹ̀ kankan. Ìgbà 26 lọ́dún lowó ń wọlé. Níbi tiwa, ohun tó bá lé ní 80 ni ófátáìmù, ó rọrùn, kò sí ìjà.

Akọ̀wé Owó:
Òótọ́ ni pé kì í gé ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n 80 yẹn ni kí ẹ tún wò dáadáa. Ká ní ẹ ṣe 50 lọ́sẹ̀ kìíní, 30 lọ́sẹ̀ kejì. Lójú 80, ófátáìmù kò sí. Lójú 40 lọ́sẹ̀, wákàtí 10 ni. Òfin ibi tí ẹ wà àti ìwé àdéhùn yín ló máa sọ èyí tó tọ́, wọn kò dọ́gba níbi gbogbo.

Sùúrù Lérè:
Háà. Ọ̀sẹ̀ tí mo sinmi lẹ́yìn èyí tí mo kú síṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Mo máa wá ìwé àdéhùn mi.

Onítẹ̀wé:
Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá náà sọ tiẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni mo ní. Mo sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sú mi: ìṣirò ìgbà 52 lọ́dún, èmi nìkan. Mo gbìyànjú oṣooṣù, kó tó di ọjọ́ 15 wọ́n ti ń yá owó lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la wá fìdí kalẹ̀ sí.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni pé mo ń pa ìwé dé lónìí, mo ń sanwó lọ́tùnla. Wákàtí ọjọ́ tó kẹ́yìn kì í tíì dé ọwọ́ mi, àfi kí n máa méfò, kí n wá tún un ṣe nínú owó tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi ọjọ́ márùn-ún sáàárín, èyí dópin. Èkejì, mo yá ẹnì kan lówó, mo ń yọ ìdajì iye tí a fẹnu kò sí fún oṣù kan nínú owó kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbé pé oṣù méjì lọ́dún máa ń ní owó mẹ́ta. Òun ló wá pè mí sí àkíyèsí.

Aṣọ́nà Òru:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́. Bí ọjọ́ 20 bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mi, ta ló ni wákàtí yẹn? Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ṣíìfù bẹ̀rẹ̀ ló ni gbogbo 8. Níbi tí mo wà báyìí, wọ́n ń gé e láàárín òru, 2 síbí, 6 sọ́hùn-ún. Lóṣù tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí àtijọ́ ka 2, tuntun ní ṣíìfù náà ti bẹ̀rẹ̀ kóun tó dé, kò ka nǹkan kan. Wákàtí 6 ṣubú sáàárín.

Akọ̀wé Owó:
Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lèmi máa ń kà á sí. Ẹnì kejì mi ní ibi iṣẹ́ kò gbà, ó ní àárín òru ló tọ́. A ṣì ń jà á.

Ọmọ Ilé Ìkẹ́rùsí:
Mo padà dé. Mo kọ 30 àti 24 sórí ìwé kan, mo gbé e lọ bá akáńtáǹtì. Ó wò ó pẹ́, ó ní wákàtí 7 yẹn á wọlé. Mo ní ti oṣù méjì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ní kí n mú ìwé wákàtí mi wá. Ara ògiri ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n sì ti ya á dànù. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló yà á ní fọ́tò, ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ kò sì ju wákàtí 38 lọ.